Bóòtù mẹ́rin tó le, pléètì tó fẹ́ ya: ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ìdè irin

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo fojú ara mi rí. Ilé ìkẹ́rùsí onírin kan ni à ń kọ́, òpó ti dúró, ó ku ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n gbé páànù lé e, mo wá gun òkè lọ wo àwọn irin pẹlẹbẹ tó gba àárín òpó kọjá bí àgbélébùú, àwọn tó ń di òpó mú kí atẹ́gùn má baà tì wọ́n ṣubú. Mo na téèpù láti àárín ihò bóòtù tó kángun sí ìparí irin náà, títí dé ẹnu irin. Ó jẹ́ 20 mílímítà, tí àwa ń pè ní mílì ní ṣọ́ọ̀bù. Dírọ́ìn tó wà lọ́wọ́ mi sọ pé 35.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ihò yìí fi sún mọ́ ẹnu tó báyìí?" Ọ̀gá wẹ́dà ò tiẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Ẹnjiníà, irin yẹn ló kúrú díẹ̀, mílì 15 péré ni. A ti lu ihò gọ́sẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀, a kàn sàmì sí irin yìí látinú ihò tọ̀ún ni. Ẹ wo bóòtù o, 8.8 ni, mẹ́rin ni, kò síbi tó ń lọ."

Òótọ́ ló sọ nípa bóòtù. Bóòtù yẹn ò níbi tó ń lọ lóòótọ́. Pléètì ló fẹ́ lọ. Ohun tó sì máa ń rú àwọn èèyàn lójú nìyẹn, torí bóòtù la máa ń kà, bóòtù la máa ń bèèrè síìsì rẹ̀ lọ́jà, kò sẹ́ni tó máa ń bèèrè pé báwo ni irin tó kù níwájú ihò ṣe gùn tó.

Bí ìdè náà ṣe rí rèé. Pléètì méjì ni, ọ̀kan gorí èkejì bí ẹni gbé àtẹ́lẹwọ́ kan lé ẹ̀yìn ọwọ́ kejì, bóòtù wá gba inú àwọn méjèèjì kọjá. Ọ̀kan ni irin pẹlẹbẹ wa, ó fẹ̀ ní 160 mílì, ó nípọn 6 mílì. Èkejì ni gọ́sẹ́ẹ̀tì, pléètì tí wọ́n jó mọ́ òpó, ó nípọn 10 mílì. Bóòtù mẹ́rin ló wà níbẹ̀, síìsì M16, ìlà méjì, méjì méjì lórí ìlà, 50 mílì sì wà láàárín ìlà kìíní àti ìkejì. Ihò kọ̀ọ̀kan jẹ́ 18 mílì, torí a máa ń fi mílì méjì kún un kí bóòtù lè wọlé láìsí ìjà. Nígbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ dáadáa, irin yẹn máa fa ìdè yìí pẹ̀lú agbára 180 kílónútìn, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kí ẹ so ẹrù tọ́ọ̀nù 18 rọ̀ sí i. A ti fi ìṣọ́ra tí òfin sọ kún 180 yẹn o, nítorí náà kì í ṣe iye tí a tún máa sọ di méjì.

Tí irin bá fa báyìí, ọ̀nà mẹ́ta ni ìdè náà lè gbà kú lẹ́bàá bóòtù.

Àkọ́kọ́, bóòtù fúnra rẹ̀ lè gé. Pléètì òkè ń fà sí ọ̀tún, ti ìsàlẹ̀ ń fà sí òsì, àwọn méjèèjì wá dà bí ẹnu sísọ́ọ̀sì, bóòtù ló wà láàárín. Ibi kan péré ni sísọ́ọ̀sì yẹn ti ń gé e nínú irú ìdè yìí, ìyẹn ibi tí pléètì méjèèjì ti fara kan ara wọn. Tó bá jẹ́ pé pléètì mẹ́ta ni, tí ọ̀kan wà láàárín bí ẹran inú búrẹ́dì, ibi méjì ni yóò ti gé, bóòtù á sì gbé ìlọ́po méjì.

Ìkejì, bóòtù ò gé, ṣùgbọ́n ó ń fún irin tó wà níwájú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ihò tó rí róbótó á wá gùn bí ẹyin, irin á wú síwájú ibi tí bóòtù tì sí. Kò sí ohun tó já, àmọ́ ìdè ti ń yọ̀, ilé sì ti ń mì.

Ìkẹta lọ̀rọ̀ wa gan-an. Ẹ mú bébà kan, ẹ lu ihò sí i bí ìgbà tí ẹ fẹ́ fi sínú fáìlì, kí ihò náà sún mọ́ etí bébà dáadáa, kí ẹ wá fà á. Ṣé ẹ rí i pé kì í ṣe gbogbo bébà ló ya? Àwẹ́ kékeré tó wà láàárín ihò àti etí bébà ló bọ́ lọ, ó fi ojú yíya méjì sílẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún ihò, ọ̀kan lápá òsì. Ohun tí bóòtù máa ń ṣe sí pléètì náà nìyẹn nígbà tí ẹnu pléètì bá kúrú, ó máa ń yọ ahọ́n irin kan jáde níwájú rẹ̀.

Ó yá, ká ṣírò. Ìlànà tí mo lò ni ti ìwé òfin irin àwọn ará Amẹ́ríkà, AISC 360, torí òun ló ya ọ̀nà mẹ́ta yìí sọ́tọ̀ kedere jù fún ẹni tó ń kọ́ ọ. Irin pléètì náà jẹ́ A36, tí a máa ń ka agbára jíjá rẹ̀ sí 400 nútìn lórí mílì onígun mẹ́rin kan. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí 400 yẹn yé yín, ẹ ro wáyà kan tí ojú rẹ̀ tí a gé ò ju mílì kan ní gígùn àti mílì kan ní ìbú: kò ní lè gbé odindi àpò sìmẹ́ǹtì kan kó tó já, àmọ́ ó máa súnmọ́ ọn. Bóòtù 8.8 ní tiẹ̀ jẹ́ 800, ìlọ́po méjì. 8 tó ṣáájú lára àmì yẹn ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

```
gígé bóòtù:  0.75 × 0.45 × 800 × 201   = 54.3 kN
fífún ihò:   0.75 × 2.4 × 16 × 6 × 400 = 69.1 kN
yíya jáde:   0.75 × 1.2 × Lc × 6 × 400 = 2.16 kN × Lc
```

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ti bóòtù kan ṣoṣo. Nútìn ni ìṣirò náà ń mú jáde, mo pín in sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún kó lè di kílónútìn, ìyẹn kN. 0.75 tó wà níwájú gbogbo wọn ni ìṣọ́ra, a dín agbára kù torí irin ọjà àti ọwọ́ èèyàn ò pé. Nínú ìlà kìíní ìṣirò yìí, 201 ni fífẹ̀ ojú bóòtù M16 tí a bá gé e lábala, 0.45 sì ń sọ fún wa pé irin tí a ń gé kì í lágbára tó irin tí a ń fà, àti pé a gbà pé ibi tẹ́rẹ́ẹ̀dì, tó ti jẹ lára bóòtù, ni ibi gígé bọ́ sí. Tí ẹ bá ra bóòtù tí ara rẹ̀ dídán gùn tó láti kọjá ibi tí pléètì méjèèjì ti pàdé, 0.45 yẹn máa di 0.563, bóòtù kan á wá gbé bíi 67.9. Àmọ́ bóòtù tí wọ́n máa ń gbé wá sáìtì, tẹ́rẹ́ẹ̀dì ló máa ń kún un láti òkè délẹ̀, nítorí náà mi ò kì í gbà pé ara dídán wà níbẹ̀ àyàfi tí mo bá yọ ọ̀kan wò.

Ìlà kẹta ìṣirò náà ni kí ẹ fojú sí. Lc ni gígùn irin tó ṣẹ́kù láti etí ihò títí dé ẹnu pléètì. Mo ní etí ihò o, kì í ṣe àárín ihò. Tí ẹ bá wọn 35 láti àárín, ẹ yọ 9 kúrò, tó jẹ́ ìdajì ihò 18, ó ku 26. 1.2 yẹn kì í ṣe idán rárá: ojú yíya méjì ló wà, ọ̀tún àti òsì ahọ́n irin, ojú kọ̀ọ̀kan sì lágbára tó bíi 0.6 ti fífà, 0.6 lọ́nà méjì ló di 1.2. Ohun tí bébà fáìlì ń ṣe gan-an la kọ sínú ìṣirò.

Ẹ wá wo ohun tí ìlà yẹn ń sọ fún wa nínú pléètì tiwa. Mílì kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fi sílẹ̀ níwájú ihò, ó ń ra 2.16 kílónútìn fún yín lórí bóòtù kan. Mílì kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá gé kúrò, ó ń gba iye kan náà lọ́wọ́ yín. Mílì 15 tí ẹ̀gbọ́n pè ní péré yẹn, kílónútìn 32.4 ni lórí bóòtù kọ̀ọ̀kan tó wà ní ìlà ìparí, ẹrù tó ju tọ́ọ̀nù mẹ́ta lọ. Tọ́ọ̀nù mẹ́ta kúrò nítorí pé wọ́n gé irin kúrú ní ìwọ̀n tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìbú àtàńpàkò.

Lórí dírọ́ìn, Lc jẹ́ 26, yíya jáde á wá jẹ́ 56.2. Bóòtù á gé ní 54.3 kí pléètì tó ya, ẹni tó ya dírọ́ìn náà mọ ohun tó ń ṣe, ó fi ẹnu sílẹ̀ tó bó ṣe yẹ, kò fi ṣòfò. Lórí òkè níbi tí mo dúró sí, Lc jẹ́ 11. 11 lọ́nà 2.16 jẹ́ 23.8. Kò tó ìdajì ohun tí bóòtù lè gbé.

Ìlà bóòtù kejì, tó wà lẹ́yìn, ńkọ́? Bóòtù tibẹ̀ náà lè ya pléètì, àmọ́ kì í ṣe dé ẹnu, inú ihò tó wà níwájú rẹ̀ ló máa ya wọ̀. Àárín ìlà méjèèjì jẹ́ 50, ẹ yọ odindi ihò kan kúrò, 18, ó ku 32. 32 lọ́nà 2.16 jẹ́ 69.1, iye kan náà pẹ̀lú fífún ihò. Ó bọ́ sí ojú kan náà torí pé 32 jẹ́ ìlọ́po méjì bóòtù 16, ibẹ̀ gan-an sì ni ààlà: tí irin iwájú ihò bá ti kéré sí ìlọ́po méjì bóòtù, yíya jáde ló ń pa á, tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, fífún ihò ni. Mo fẹ́ràn òfin kékeré yìí gan-an torí téèpù nìkan ló ń bèèrè, kò bèèrè kọ̀ǹpútà.

Báyìí, ká pa àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Ibí yìí lọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, wọ́n á ṣírò gígé bóòtù kan, wọ́n á sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, 217, wọ́n á ní ó ju 180 lọ, ó parí. Bóòtù kọ̀ọ̀kan ló yẹ kí ẹ dúró tì, kí ẹ bi í léèrè pé kí ló máa kọ́kọ́ pa ọ́, iye tó kéré jù ni tiẹ̀, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ro gbogbo wọn pọ̀.

```
dírọ́ìn:  2 × 54.3 + 2 × 54.3 = 217 kN
sáìtì:   2 × 23.8 + 2 × 54.3 = 156 kN
```

156 ò tó 180. Bóòtù mẹ́rin tó le yẹn wà níbẹ̀ pé, kò sí èyí tó ṣe nǹkan, síbẹ̀ ìdè náà kùnà. Ìdí tí a sì fi lè ro bóòtù tó rọ̀ pọ̀ mọ́ èyí tó le ni pé irin tó dáa máa ń nà kó tó já, ihò ìparí á gùn díẹ̀, á ti ẹrù sẹ́yìn fún ìlà kejì. Àwọn ará Yúróòpù nínú EN 1993, ìwé òfin irin tiwọn, le ju bẹ́ẹ̀ lọ: tí bóòtù kan bá wà nínú wọn tó lè gé kí ihò rẹ̀ tó yọ̀, iye tó kéré jù lọ ni wọ́n máa sọ di ìlọ́po iye bóòtù. Níbi tiwa, èyí á túbọ̀ burú.

Mo ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Kò burú, ẹ jẹ́ ká fẹ ihò náà, ká fi M20 sí i." Ẹ gbà mí, àbá yìí ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ mú wá, ó sì dùn ún gbọ́. Àmọ́ ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ihò M20 jẹ́ 22, àárín ihò ò kúrò níbi tó wà, nítorí náà etí ihò tún sún mọ́ ẹnu sí i, Lc bọ́ láti 11 sí 9. Bóòtù ìparí á wá gbé 19.4 dípò 23.8. Ìlà ẹ̀yìn á lọ sókè sí 60.5, tí a bá rò ó pọ̀ ó jẹ́ 160. A ná owó bóòtù ńlá, a lo dírílì lórí àkàbà odindi ọ̀sán, kílónútìn mẹ́rin la rí, a ò sì tíì dé 180. Bóòtù ńlá kì í wo àìsàn pléètì, ṣe ló ń jẹ pléètì sí i.

Ohun kan tún wà tí fífẹ ihò ń bà jẹ́, ìyẹn irin tó kù ní ìbú láàárín ihò méjì àti etí. Irin wa fẹ̀ ní 160. Ihò méjì wà lórí ìlà kan, a yọ 20 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan torí dírílì máa ń ba etí ihò jẹ́ díẹ̀, ó ku 120. 120 lọ́nà 6 lọ́nà 400 lọ́nà 0.75 jẹ́ 216. Pẹ̀lú ihò M20, ó bọ́ sí 202. Ó ṣì tó, àmọ́ ẹ rí i pé ṣe là ń jẹ lára rẹ̀ níbi gbogbo.

Mi ò wá máa ka ìlà ìparí sí mọ́ rárá. Kì í ṣe torí 23.8 nìkan, AISC tún sọ pé láti àárín ihò M16 dé ẹnu pléètì ò gbọdọ̀ kéré sí 22, tiwa jẹ́ 20, nítorí náà a ò tiẹ̀ láṣẹ láti fi ìṣirò gbè é lẹ́yìn. Ohun tó kù ni kí a wá ìlà kẹta sẹ́yìn, 50 mílì sí ìlà kejì, kí ìlà kejì àti ìkẹta wá gbé ẹrù náà, bóòtù mẹ́rin lọ́nà 54.3, a padà sí 217.

Àmọ́ pléètì méjì ló wà nínú ìdè yìí, ẹ má gbàgbé, ẹnu sì ni méjèèjì ní. Ìlà tó wà lẹ́yìn fún irin pẹlẹbẹ, òun ni ìlà ìparí fún gọ́sẹ́ẹ̀tì, torí wọ́n kọjú síra wọn. Tí ẹ bá kàn lu ihò kẹta láìwo gọ́sẹ́ẹ̀tì, ẹ lè gbé àìsàn náà kúrò lára pléètì kan lọ sára èkejì. Ní apá òsì ilé, gọ́sẹ́ẹ̀tì fẹ̀, 95 mílì wà láti ìlà kejì dé ẹnu rẹ̀, a lu ìlà kẹta, 45 ṣẹ́kù níwájú, irin ibẹ̀ sì nípọn 10, kò sí wàhálà. Ní apá ọ̀tún, 40 péré ló wà. Ìlà kẹta ò níbi tó máa jókòó. Wọ́n ní láti gé irin pẹlẹbẹ tuntun fún ibẹ̀, ọ̀gá ò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Ẹni tó bá ní irú ìdè yìí nílé, lára òpó táńkì omi tàbí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, tí kò mọ ìṣirò, ojú lè sọ nǹkan kan fún un. Bóòtù tó gé máa ń já lójijì, ojú ibi tó já á mọ́ tónítóní, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe ìkìlọ̀. Pléètì tó fẹ́ ya máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: ọ̀dà á sán níwájú ihò, ẹnu pléètì tó yẹ kó tọ́ gbọnrangandan á wú síta díẹ̀ ní ọ̀gángán bóòtù bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tó fi ata sẹ́nu, wáṣà á kúrò níbi tó ti ń tẹ̀ tẹ́lẹ̀, á fi àmì rẹ̀ sílẹ̀ bí òṣùpá tín-ín-rín. Ẹ fi rúlà gbá ẹnu pléètì yẹn, tí ìmọ́lẹ̀ bá gba abẹ́ rẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, tí àárín sì ń ti rúlà, ihò ti ń rìn nìyẹn, ẹ pe ẹnjiníà.

Nǹkan méjì tí mi ò fi sínú ìṣirò rèé. Pléètì tó gorí ara wọn báyìí, ìfà wọn ò sí lójú ìlà kan náà, 8 mílì ni wọ́n fi yàtọ̀ síra níbi tiwa, ìdajì 6 pẹ̀lú ìdajì 10, nítorí náà ìdè náà máa ń fẹ́ tẹ̀ díẹ̀ kó lè tọ́. Ìlà bóòtù méjì àti wáṣà lábẹ́ orí bóòtù àti lábẹ́ nọ́ọ̀tù máa ń kó o níjàánu, ìlà kan ṣoṣo kì í ṣe é dáadáa. Èkejì ni pé gbogbo ohun tí mo kọ yìí gbà pé ìfà gba àárín gbùngbùn bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjá. Tó bá yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ṣe ni ìdè náà á tún fẹ́ yí, bóòtù tó jìnnà jù sí àárín á gbé ju ìdá mẹ́rin tirẹ̀ lọ, ibi tó ń tì sí sì lè di ẹnu ẹ̀gbẹ́ pléètì dípò ẹnu ìparí. Ìṣirò ìyẹn gùn ju èyí lọ.

Nígbà tí irin tuntun dé, ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló di téèpù mú, ó wọn láti etí ihò, ó pariwo látòkè pé, "Ẹnjiníà, 27 ni o!" Mo ní kó lu nọ́ọ̀tù wọlé.